Nígbà tí Dáìsì bá Fi Mẹ́fà Hàn

Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó máa ń sọ pé ayò ọlọ́pọ́n ni eré ọlọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n pé lúdò jẹ́ eré orí. Wọ́n ní ẹni tí dáìsì bá ṣe ojúure sí ni yóò borí, ẹni tí kò bá sì ṣe ojúure sí, kí ó palẹ̀ mọ́. Èmi ti ń bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbé fún ọdún púpọ̀, mo sì ti jókòó tì wọ́n ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrọ̀lẹ́ ìsinmi, nígbà tí iṣẹ́ ilé bá parí tí wọ́n sì tẹ́ pátákó lúdò sílẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé òótọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún dáìsì, ṣùgbọ́n dáìsì pẹ̀lú kò lè pàṣẹ fún wa ju iye tí ó hàn lọ. Ọmọ lúdò tí a ó fi iye náà gbé, àwa ni a ó yàn án.

Láti ilẹ̀ Índíà ni ìpìlẹ̀ eré yìí ti wá, níbi tí wọ́n ti ń ta pàṣísì láti ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1896 ni wọ́n fi orúkọ lúdò gba ìwé àṣẹ fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àyè tí ó wà ní ojú ọ̀nà tí ó yí pátákó ká jẹ́ 52. Olúkúlùkù òṣèré ní ọmọ 4, tí gbogbo wọn kọ́kọ́ wà nínú ilé. Dáìsì kan ni àwa ń lò. Ọmọ kò lè jáde nílé àfi bí dáìsì bá fi 6 hàn. Ẹni tí ó bá sì ju 6 yóò tún jù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tí ó bá bọ́ sí àyè tí ọmọ ẹlòmíràn wà ti pa á, ọmọ náà yóò sì padà sílé. Ṣùgbọ́n a kò lè pa ọmọ tí ó wà lórí ìràwọ̀ tàbí ní ẹnu ọ̀nà olúkúlùkù. Mo mọ̀ pé òfin ilé kan kò bá ti ilé kejì mu. Àwọn mìíràn ń fi dáìsì méjì ta á, àwọn mìíràn kò sì ní ìràwọ̀ rárá. Nítorí náà, kí ẹ béèrè òfin kí ẹ tó jókòó, nítorí pé ọgbọ́n tí ó tọ̀nà lábẹ́ òfin kan lè di àṣìṣe lábẹ́ òmíràn.

Ìgbà tí ìrònú wúlò jùlọ ni ìgbà tí 6 bá hàn. Nígbà náà ni ohun mẹ́ta lè ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: kí a mú ọmọ jáde, kí a pa ọmọ ẹlòmíràn, tàbí kí a gbé ọmọ tí ó wà nínú ewu lọ sórí ìràwọ̀. Èwo ni kí a ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀ràn kan yẹ̀ wò. Kí a ka àyè ojú ọ̀nà láti ẹnu ọ̀nà Pupa, kí a pè é ní àyè 1, títí dé 52. Ẹnu ọ̀nà Ìyeyè, tí ó kọjú sí Pupa, yóò jẹ́ àyè 27. Àwọn ìràwọ̀ wà ní àyè 9, 22, 35 àti 48. Pupa ni àwa ń ta, Ìyeyè nìkan sì ni alátakò wa. Ọmọ wa àgbà wà ní àyè 42, ó ti rin ìṣísẹ̀ 41. Ọmọ wa kejì wà ní àyè 25. Méjì yòókù wà nílé. Ìyeyè ní ọmọ kan ní àyè 38, ìṣísẹ̀ 4 péré lẹ́yìn àgbà wa. Ó sì ní òmíràn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí ó wà ní àyè 31. Àwa ju dáìsì, 6 sì hàn.

Bí a bá gbé àgbà wa, yóò dé ìràwọ̀ 48. Bí a bá gbé ọmọ kejì, yóò pa ọmọ Ìyeyè tí ó wà ní 31. Tàbí kí a mú ẹ̀kẹta jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò sáré lọ sí ìràwọ̀ nítorí àgbà, wọn yóò sì wí pé ẹni tí ó ti rìn jìnnà tó báyìí kò yẹ kí ó kú.

Ẹ jẹ́ kí a díwọ̀n rẹ̀. Bí a bá pa ọmọ Ìyeyè, ìṣísẹ̀ 4 tí ó ti rìn yóò ṣòfò. Kì í ṣe èyí nìkan: yóò ní láti fi 6 mìíràn mú un jáde, bẹ́ẹ̀ ni 6 tí a fi ṣí ilẹ̀kùn kì í gbé ọmọ kankan síwájú ní ọ̀nà. Nítorí náà, àdánù rẹ̀ jẹ́ 4 àti 6, èyí ni 10. Ní ọ̀nà kan náà, bí wọ́n bá pa àgbà wa, àdánù wa yóò jẹ́ 41 àti 6, èyí ni 47. Ẹni tí ó bá dúró níbí yóò wí pé 47 ju 10 lọ, kí a sá. Ṣùgbọ́n a kò tíì pa àgbà wa; ewu ni ó wà nínú rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ mọ bí ewu náà ti tó.

Rántí pé a óò tún dáìsì jù. Lẹ́yìn tí a bá ti pa ọmọ ẹnìkejì, bí 6 bá tún hàn, àgbà wa yóò bọ́ sórí ìràwọ̀. Bí 3, 4 tàbí 5 bá hàn, yóò kọjá ibi tí ẹni tí ó wà ní 38 lè fi ìjù kan ṣoṣo dé. Kìkì 1 àti 2 ni kò ràn wá lọ́wọ́. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá sì hàn, ojú kan pàtó nínú 6 ni alátakò wa ṣì ní láti rí. Èyí jẹ́ ọ̀nà 2 nínú 36, tàbí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 18. Bí a bá pín 47 sí ọ̀nà 18, kò tó 3. Kí a fi ewu kékeré kún un, pé Ìyeyè lè ju 6 kí ó tó ju iye tí ó ń wá, àti pé ọmọ wa tí ó pànìyàn dúró ní ìṣísẹ̀ 4 níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀; síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 5 lọ. Èrè 10, ewu 5: kí a pa á.

Ẹ kíyèsí ohun tí ó mú èyí rí bẹ́ẹ̀. Ní ìjù kejì, ojú mẹ́rin nínú 6 lè gba àgbà wa là, ṣùgbọ́n 6 nìkan ni ó lè pa ọmọ tí ó wà ní 31. Ohun tí 6 nìkan lè ṣe ni kí a fi 6 ṣe, nígbà tí ojú mìíràn bá lè ṣe ìyókù. Ṣé ẹnì kan lè wí pé 6 nìkan ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò ní ẹsẹ̀. Ibi tí ó wà lónìí ni a óò bá a nígbà tí 6 mìíràn bá dé. Ọmọ alátakò yóò ti rìn lọ. Nígbà tí a bá ti ní ọmọ méjì lójú ọ̀nà, jíjáde lè dúró díẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé òfin ilé yín kò fún ẹni tí ó ju 6 ní ìjù kejì, ewu orí àgbà yóò di ẹ̀ẹ̀kan nínú 6, èyí tí ó tó 8. Nígbà náà 10 àti 8 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ọmọ Ìyeyè méjì bá sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ìjù kan lè dé, ewu náà yóò tó nǹkan bí 16; kí a yára gba orí ìràwọ̀ lọ.

Ọ̀ràn jíjáde yàtọ̀ pátápátá bí ọmọ kan ṣoṣo bá ni a ní lójú ọ̀nà. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tí kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni ta lúdò mọ́. Ó wí pé, "Bàbá, orí mi kò bá dáìsì mu." Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé ọmọ tí ó bá ti gbà pé orí òun kò dára nínú eré kò ní pẹ́ kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìṣirò. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó ta ọ̀kan sí i lójú mi. Pupa ni ó ń ta. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní àyè 16, mẹ́ta wà nílé. Ọmọ Ìyeyè wà níwájú rẹ̀ ní àyè 20, kò sì sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀ nítòsí. Ó ju 6. Lójú ẹsẹ̀ ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sórí ìràwọ̀ 22, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó tún jù, 3 hàn. Níwọ̀n bí kò ti ní ọmọ mìíràn tí ó lè gbé, ó di dandan kí ó kúrò lórí ìràwọ̀ lọ sí 25. Ìyeyè ju 5, ó sì pa á.

Ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ ò rí i, Bàbá?" Mo ní, "Mo rí i. Ta ni ìwọ ń sá fún?" Ó wo pátákó títí, kò rí ẹnì kankan. Mo dá àwọn ọmọ náà padà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Mo fi 6 mú ọmọ kan jáde sí àyè 1, mo sì fi 3 gbé e lọ sí 4. Ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní 16, ẹ̀yìn ọmọ Ìyeyè gan-an. Òun ni ọdẹ, kì í ṣe ẹran. Dáìsì kan náà ni, iye kan náà ni. Ó ní, "Nígbà náà, kì í ṣe orí mi." Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń ta, ó sì máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ọmọ.

Ohun tí ìràwọ̀ ń ṣe nìyí: ó ń dáàbò bo ọmọ tí ó bá dúró lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá a dúró. Ọmọ mìíràn ni ó ń dá a dúró, èyí tí yóò máa gba ìjù tí ó bá dé. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ọmọ kan ṣoṣo lójú ọ̀nà kò ní yíyàn kankan, àfi bí 6 bá hàn. Bí ó bá sì fi 6 náà sá, ó ti ta yíyàn rẹ̀ fún ìsinmi ìṣẹ́jú kan. Bí a bá sì ju dáìsì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó fi díẹ̀ ju ìdajì lọ pé 6 yóò hàn nínú wọn. Kí ẹni tí ó kọ 6 ti òní mọ̀ pé ó lè pẹ́ kí ó tó rí òmíràn.

Ohun kan kù tí ó máa ń ba gbogbo ìṣirò yìí jẹ́. Àwọn ọmọdé púpọ̀ ń ka àyè tí ọmọ dúró sí gẹ́gẹ́ bí ìṣísẹ̀ kìn-ín-ní, wọ́n á sì rò pé ẹni tí ó jìnnà sí wọn ní 6 jìnnà ní 7. Àyè tí ó tẹ̀lé e ni ìkíní. Kí a ka ẹ̀yìn àwọn ọmọ wa ní 6, kí a mọ ẹni tí ó lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí a ka iwájú wọn ní 6, kí a mọ ẹni tí àwa lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí a ṣe èyí kí a tó ju dáìsì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, nítorí nígbà tí 6 bá ti hàn, tí gbogbo ẹni tí ó jókòó sì ń pariwo, ìràwọ̀ nìkan ni ojú máa ń rí.