Ìyá Mi Ni, Àmọ́ Orúkọ Kò Bára Mu

Ọjọ́rú ni Màámi kú ní Ìsọlọ̀. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ló yẹ kí n wọ bàálù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tọ́jú ọmọ tuntun. Ẹbí sì ti mú ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ fún ìsìnkú. Màámi ò bímọ. Èmi ni ọmọ tó ní. Bí mo bá lọ, ta ni yóò da erùpẹ̀ sí i?

Mo kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ bàálù náà ní Ọjọ́bọ̀: "Ìyá mi kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún ọjọ́ ìrìn-àjò mi síwájú." Mo so ìwé ikú tí dókítà kọ àti ìwé ọjọ́ ìbí mi mọ́ ọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èsì ti dé: orúkọ ìyá tó wà nínú ìwé ìbí mi kì í ṣe orúkọ olóògbé.

Wọn ò jẹ̀bi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Màámi, òun ló tọ́ mi láti ọmọ ọdún 3. Nílé wa, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé ìyá wo. Àmọ́ lójú ẹni tó ń ka ìwé lórí tábìlì, àfi bí ẹni pé ìwé olówìíwò ni mo fi ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ìyá tó bí mi wọ dáńfó lọ sí kóòtù. Ó búra sínú ìwé pé ẹ̀gbọ́n òun ni olóògbé, pé òun ló sì tọ́ mi dàgbà. Mo tún lẹ́tà kọ. Kóòdù oní-lẹ́tà 6 tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ló ṣáájú, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì oní-díjíìtì 13 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ àti ọjọ́ méjì tuntun tí wọ́n lè mú nínú wọn. Mo wá kọ ọ́ gbangba: "Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni olóògbé, òun ló tọ́ mi." Mo ní ìwé ikú ti Àjọ Ètò Ìkànìyàn yóò tẹ̀ lé e bó bá ti jáde. (Ọwọ́ ilé iṣẹ́ náà gan-an ni mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ká ní ọwọ́ ajẹ́ńtì ni, ajẹ́ńtì ni mi ò bá kọ́kọ́ wá lọ.)

Ohun tó ń lé mi ni pé bí bàálù bá gbéra láìsí mi, tí mi ò sì tíì sọ fún wọn, wọ́n á kọ mí sílẹ̀ bí ẹni tí kò yọjú, wọ́n sì lè fagi lé ìpadàbọ̀ mi pẹ̀lú.

Wọ́n dáhùn ní àárọ̀ Sátidé. Wọ́n yọ owó ìtanràn kúrò, àmọ́ mo san ohun tí owó ọjọ́ tuntun fi ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, bàálù ń kọjá lókè ilé wa, àwa sì ń ka iye èèyàn tó máa gba aṣọ.