Fáìlì Ojú Ewé Mẹ́fà fún Báǹkì Oníkáàdì

Fáìlì náà kò ju ojú ewé mẹ́fà lọ. Owó tó wà nídìí rẹ̀ jẹ́ £480, iye aṣọ òkè ìgbéyàwó tí obìnrin kan tó ń tajà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní kí wọ́n hun ní Ìsẹ́yìn fún oníbàárà rẹ̀ kan ní Manchester. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì 2025 ni oníbàárà fi káàdì Visa san gbogbo owó náà. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ni ẹrù dé ilé rẹ̀, ìgbéyàwó sì wáyé ní ọjọ́ 22 oṣù kan náà. Nígbà tó di ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ìyá aláṣọ gba owó káàdì kọ̀wé sí i pé báǹkì oníkáàdì ti fa £480 padà, àwọn sì ti yọ £20 kún un gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Oníbàárà ní òun ò rí ẹrù kankan gbà. Bí ìyá aláṣọ bá ní ohun tó fẹ́ sọ sí i, kí ó sọ ọ́ kí ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún tó kọjá.

Èmi ni mo ń bá a tọ́jú ìwé owó ìsọ̀ rẹ̀, èmi náà ni mo sì bá a to fáìlì yìí.

Ẹni tí yóò kà á kì í ṣe oníbàárà, kì í sì í ṣe adájọ́. Òfin àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀, kì í ṣe ti ilé ẹjọ́. Láti ọwọ́ oníṣòwò, fáìlì á lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó káàdì fún un, á gba ọ̀nà Visa kọjá, kó tó balẹ̀ síwájú òṣìṣẹ́ kan ní báǹkì tó fún oníbàárà ní káàdì. Òṣìṣẹ́ yẹn kò mọ Ìsẹ́yìn, kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìpèlé, ọ̀pọ̀ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ló sì wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló fẹ́ rí ìdáhùn sí, ìbéèrè ọ̀hún sì wà nínú nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ìwé ẹ̀sùn. Lórí ti ìyá aláṣọ, 13.1 ni. Lédè Visa, ohun tí 13.1 ń sọ ni pé ọjà tàbí iṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún kò dé, tàbí kò dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń ṣìnà nìyí. Bí ìyá aláṣọ ṣe gba ìwé ẹ̀sùn, ìwé àdéhùn ló kọ́kọ́ nà sí mi, ó sì fi ìka lé ìlà kẹrin.

"Àbúrò, ṣé o rí i? Ó buwọ́ lù ú pé tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún, kò sí pé à ń dá owó padà. Kí ni wọ́n tún ń wá?"

"Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn kọ́ ni wọ́n bi yín."

Òótọ́ ni ìlà kẹrin yẹn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe ní 2013 fún ọjà tí ènìyàn rà láìfojú kàn án fún oníbàárà ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, ṣùgbọ́n ó yọ ohun tí wọ́n ṣe sí ìfẹ́ oníbàárà fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Aṣọ òkè tí wọ́n hun sí àwọ̀ tí ìyàwó yàn wà lára ohun tí wọ́n yọ. Bí oníbàárà bá ní òun ti sọ pé òun ò rà mọ́ kí ẹrù tó kúrò, ìlà kẹrin ni à bá gbé síwájú. Àmọ́ ẹni tó ní ẹrù ò dé ọ̀dọ̀ òun, ẹ ò lè fi "kò sí owó ìdápadà" dá a lóhùn. Bí ẹrù kò bá dé lóòótọ́, kò sí àdéhùn tó lè fún oníṣòwò láyè láti di owó náà mú.

Ìlà kejì ìwé àdéhùn yẹn gan-an ló wúlò fún wa, ìyá aláṣọ kò sì tiẹ̀ rántí pé ó wà níbẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ẹrù yóò dé ilé oníbàárà kí ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2025 tó kọjá. Ó kọ nọ́ńbà ilé, orúkọ àdúgbò àti póósíkóòdù, ó sì ní ẹni tó bá wà nílé yóò buwọ́ lu ìwé kó tó gba ẹrù. Ìlà yẹn ló sọ ọjọ́ àti ibi tí "dé" túmọ̀ sí láàárín àwọn méjèèjì. Ojú ewé kẹta fáìlì ni ìwé àdéhùn yìí wà, odindi ni a sì fi síbẹ̀, láti orí dé ibi tí oníbàárà fi ìka buwọ́ lù ú lójú fóònù. Lábẹ́ ìbuwọ́lùwé ni ẹ̀rọ ti kọ ọjọ́, wákàtí àti ímeèlì tí wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí. Ìlà kékeré tí ẹ̀rọ kọ yìí ṣe pàtàkì ju bí ìbuwọ́lùwé ṣe rí lọ, torí pé ó fi hàn pé oníbàárà ti rí àdéhùn náà kó tó sanwó. Àdéhùn tó kàn wà níbì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí, kì í rí ojúure báǹkì.

Ojú ewé kejì, ìkẹrin àti ìkarùn-ún kò ṣeé kà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú ewé kejì ni rìsíìtì ọjà: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye owó, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára káàdì àti àdírẹ́sì tí ẹrù ń lọ. Ìkẹrin ni rìsíìtì tí wọ́n fún ìyá aláṣọ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ nígbà tó san owó ìfiránṣẹ́ Royal Mail onífọwọ́sí. Bébà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí ń tètè ṣá. Nọ́ńbà ilé àti póósíkóòdù oníbàárà wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa ẹrù sì wà lábẹ́ wọn. Ìkarùn-ún ni ojú ìwé tí Royal Mail fi ń tọpa ẹrù: nọ́ńbà kan náà, ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, aago 11:42 òwúrọ̀, orúkọ ẹni tó gbà á àti àwòrán ìbuwọ́lùwé rẹ̀.

Kí ló dé tí a fi nílò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Torí pé ojú ìwé ìtọpa ẹrù lè sọ pé ẹrù dé láìsọ ilé tó dé. Bí ó bá dá wà, oníbàárà lè ní ilé ẹlòmíràn ni wọ́n gbé e lọ, báǹkì á sì gbà á gbọ́. Àdírẹ́sì so rìsíìtì ọjà mọ́ rìsíìtì ilé ìfìwéránṣẹ́, nọ́ńbà ìtọpa sì so rìsíìtì ilé ìfìwéránṣẹ́ mọ́ ìbuwọ́lùwé, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí òwú kan. Bí ọ̀kan bá sọnù, ìyókù á fọ́n ká. Ká ní aládùúgbò ló buwọ́ gbà á, à bá tún ní láti wá ibi tí oníbàárà ti fọwọ́ sí i pé kí aládùúgbò bá òun gbà á. Ká sì ní àwòrán àpótí lẹ́nu ọ̀nà nìkan ni a ní, ẹnu wa kò bá tólẹ̀, torí pé àwòrán kò sọ ẹni tó gbé àpótí náà wọlé.

Orí Wọ́sáàpù ni ojú ewé kẹfà ti wá. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, oníbàárà kọ ọ́ pé: "Ẹ ṣé gan-an mà, aṣọ ti dé o. Àmọ́ àwọ̀ ewé yẹn ti dúdú jù lójú mi." Inú ìyá aláṣọ dùn sí gbólóhùn àkọ́kọ́, ó sì fẹ́ kí n gé ìkejì kúrò, kí báǹkì má baà rí ẹ̀sùn mìíràn níbẹ̀. Mi ò gbà. Odindi ọ̀rọ̀ náà wà lórí fóònù oníbàárà, ọjọ́ tó bá fi han báǹkì pé a gé e ni ojú ewé márùn-ún yòókù di ohun ìfura. Ẹ̀sùn àwọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 13.3, oníbàárà kò sì fi ìyẹn sùn. A fi odindi rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ tó hàn gedegbe, nọ́ńbà fóònù náà sì bá ti orí rìsíìtì ọjà mu. Nítorí pé Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, a tú u sí èdè Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ rẹ̀, títí kan gbólóhùn tó ní àwọ̀ náà dúdú jù.

Ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo kọ kẹ́yìn. Ìyá aláṣọ ti kọ tirẹ̀ ṣáájú, ojú ewé méjì gbáko, ó pe oníbàárà ní olè, ó sì fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo bá a kẹ́dùn, mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbólóhùn mẹ́ta ni tèmi lẹ́yìn nọ́ńbà ẹ̀sùn àti iye owó: ẹrù dé àdírẹ́sì tí oníbàárà fúnra rẹ̀ kọ, ẹnì kan sì buwọ́ gbà á níbẹ̀; ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá; oníbàárà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ó dé. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sọ ojú ewé tí ẹ̀rí rẹ̀ wà.

Ọfà dúdú ni a fi tọ́ka sí ọjọ́ àti nọ́ńbà lára àwọn ìwé náà, a ò fi yẹ́lò kùn wọ́n. Ó lè jẹ́ ẹ̀dà dúdú àti funfun ni wọn yóò rí ní báǹkì, ibi tí a bá sì fi yẹ́lò kùn lè di dúdú kìjikìji, kí ohun tí a fẹ́ kí wọ́n rí gan-an pòórá. Fídíò àti líńkì kò wúlò, ẹnikẹ́ni kò ní tẹ̀ wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó káàdì gbà kí a fi fáìlì ránṣẹ́. Ohun tí a bá gbàgbé, a ti gbàgbé rẹ̀ nìyẹn.

Gbogbo ìwé wọ̀nyí kì bá tí ràn wá lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ ká ní 10.4 ni nọ́ńbà ẹ̀sùn, ìyẹn pé oníkáàdì ní òun kọ́ ni òun fi káàdì rajà. Olè náà lè buwọ́ gba ẹrù. Ní ti irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, láti oṣù Kẹrin 2023 ni Visa ti ń gba ẹ̀rí pé oníkáàdì kan náà ti rajà lọ́wọ́ oníṣòwò náà lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú láìṣe àríyànjiyàn, láàárín ọjọ́ 120 sí 365 sẹ́yìn, kí ohun méjì nípa rẹ̀ sì bára mu, bíi nọ́ńbà IP àti àdírẹ́sì. Oníbàárà tuntun kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Oṣù Keje ni èsì dé. £480 padà sápò ìyá aláṣọ, £20 kò padà, torí pé owó iṣẹ́ ni wọ́n pè é. Oníkáàdì sábà máa ń ní tó ọjọ́ 120 láti ọjọ́ tó yẹ kí ẹrù dé kó tó sùn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọjà ránṣẹ́, ẹ ya àwòrán rìsíìtì ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ gbà á, kó tó ṣá. Kí ẹ sì yẹ ìwé àdéhùn yín wò: bí ọjọ́ àti ibi tí ẹrù yóò dé kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí i kí ẹ tó gba owó oníbàárà tó kàn.