Kotáńjẹ́ǹtì ní 90°

Nínú kosíkáǹtì, síkáǹtì àti kotáńjẹ́ǹtì, èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù láàrin àwa tí a jọ ń kàwé. Ìbéèrè tó dá ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá sílẹ̀ kúrú: ẹ wá gbogbo igun láti 0° dé 360° tí cot x = 0. Máàkì márùn-ún ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tẹ 1÷tan(90) sórí ẹ̀rọ ìṣírò rẹ̀, ó rí Math ERROR. Ó ní kò sí irú igun bẹ́ẹ̀, ó sì ti ń múra láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ní ká kọ́kọ́ yẹ kosíkáǹtì wò, torí tirẹ̀ kò le. csc x ni ohun tí a máa rí bí a bá fi sin x pín 1. Ní 30°, sin jẹ́ 0.5, csc sì jẹ́ 2. Ní 1°, sin ti kéré gan-an, csc ti fò dé nǹkan bí 57.3, ní −1°, ó di −57.3. Ní 0° gan-an, òdo ni sin, kò sì sí bí a ṣe lè fi òdo pín 1. Ibẹ̀ ni gíráàfù ti já: apá kan gba òkè lọ, apá kejì gba ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní 180° àti 360°. Síkáǹtì ń ja tirẹ̀ ní 90° àti 270°, níbi tí cos ti jẹ́ òdo.

Ọ̀rọ̀ kotáńjẹ́ǹtì yàtọ̀, torí pé táńjẹ́ǹtì tí a fẹ́ fi pín 1 náà ní ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò ti ní iye. Ní 89°, tan jẹ́ nǹkan bí 57.29, cot sì jẹ́ 0.0175. Ní 89.9°, tan ti lé dé 573, cot ti wálẹ̀ sí 0.0017. Ní 91°, cot di −0.0175. Ẹ ò rí i pé ńṣe ló rọra ń gba orí òdo kọjá? Ẹ̀rọ náà kò purọ́ o. Tan 90° ló kọ̀, kò tíì dé orí cot rárá. cot x = cos x / sin x ló yẹ ká lò. Ní 90°, ó di 0/1, ìyẹn òdo. Ní 270°, ó di 0/(−1), òdo náà ni. Igun méjèèjì ni ìdáhùn.

Ẹni tó bá takú ti 1/tan x gbọ́dọ̀ fi ihò kékeré sí gíráàfù rẹ̀ ní 90° àti 270°. Ihò lásán ni, gíráàfù kò fò síbì kankan.

Ní 0°, 180° àti 360°, sin jẹ́ òdo, ibẹ̀ sì ni kotáńjẹ́ǹtì ti já lóòótọ́. Bí ẹ bá tẹ 1÷tan(180), Math ERROR kan náà lẹ máa rí. Láti mọ èyí tó jẹ́ ihò àti èyí tó jẹ́ ibi tó já, ẹ tẹ igun tó wà nítòsí rẹ̀: 179° máa fún yín ní −57.29, 89° sì máa fún yín ní 0.0175.