Iyanrìn Ajah Ló Fi Tọrọ Sikọ́láṣíìpù

Ọmọ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan l'Ajah fẹ́ gba sikọ́láṣíìpù Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, kó lè gboyè másítà nínú ìmọ̀ ilẹ̀. Wọ́n ní kó kọ ìdí tó fi fẹ́ kà á. Ló bá kọ ọ́ pé ilẹ̀ ni ìyá gbogbo wa. Ta ni kò mọ̀yẹn? Olùkọ́ ẹ̀ ní kó ya á, kó kọ ohun tójú ẹ̀ rí lóko ìyá ẹ̀.

Ó tún un kọ. Ó ní iyanrìn Ajah kì í di omi mú. Ìyá òun da ìgbẹ́ adìẹ sórí ebè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òjò oṣù kẹfà fọ agbára rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, àwọn ewé ìsàlẹ̀ wá ń pọ́n. Òun pín ìwọ̀n kan náà sí mẹ́ta fún ebè kejì, ó ń fi í sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ewé ibẹ̀ sì dúdú minimini. Àmọ́ lẹ́bàá ọ̀sà, etí ewé ṣì ń gbẹ bí ẹni fi iná rà á. Ṣé iyọ̀ ni? Òun kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ ilẹ̀. Ohun tóun fẹ́ lọ kọ́ nìyẹn, káwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ lè mọ ilẹ̀ oníyọ̀ kí wọ́n tó gbin nǹkan.

Ó kà á fún ìyá ẹ̀. Ìyá ní, "Ìgbẹ́ adìẹ mi náà wọ̀wé òyìnbó?"