Kí Láìfù Tó Bẹ̀rẹ̀ ní Boundary

Ní Boundary, níbi tí Àpápá ti parí tí Àjégúnlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àwọn kan lára àwọn tó ń ta òkirikà máa ń ya fídíò kékeré lọ́sàn-án, wọ́n á sì tajà lórí láìfù lálẹ́. Ariwo àti ìmọ́lẹ̀ ló fà á. Lọ́sàn-án, oòrùn ń fi àwọ̀ aṣọ hàn bó ṣe rí, ohùn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń pe Máìlì 2 àti Wọ́ọ̀fù sì ń jẹ́rìí pé inú ọjà gidi ni aṣọ náà wà. Nígbà tí ọjà bá tú tán, oníṣòwò á gbé fóònù dúró ní yàrá, á tan iná, á ṣí láìfù. Fídíò kékeré yẹn, tí kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá 15 tàbí 20 lọ, ni yóò mú ẹni tó rí i lọ́sàn-án wá síbi ọjà alẹ́. Kò níṣẹ́ méjì: kí onítọ̀hún mọ ọjọ́, kó mọ aago, kó sì mọ ohun tó ń wá rà.

*

Béèlì gáùn kan tí wọ́n tú lójú mi ní Ọjọ́bọ̀ wọn kílò 55. Bí gáùn kọ̀ọ̀kan bá tó gíráàmù 250, a jẹ́ pé nǹkan bíi 220 ló wà nínú rẹ̀. Obìnrin tó ni ín pín in sọ́nà mẹ́ta: èyí tó máa tà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó máa tà ní méjì-méjì, àti èyí tó máa dà sílẹ̀ fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣà. Bó ṣe ń tú u ni gáùn aláwọ̀ ewé kan jáde, tí wọ́n ká ní wẹ́wẹ́ láti ìbàdí títí dé ẹsẹ̀. Ọmọ tó ń ràn án lọ́wọ́ pariwo pé, "Màámi, èyí gan-an ni ká fi ṣe fídíò!"

Ó mi orí. "Ẹyọ kan ṣoṣo nìyí. Bí igba èèyàn bá wá nítorí ẹ̀, ta ni mo fẹ́ tà á fún?"

Ibi tí òkirikà ti yàtọ̀ sí ọjà tuntun gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń ta aṣọ tuntun lè fi ẹyọ kan han gbogbo ayé, kó sì ní ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ nínú páálí. Aṣọ inú béèlì kì í sábà ní ìkejì. Láyé Hubert Ògúndé àti àwọn eléré alárìnkiri tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ á ti fi gbohùngbohùn yí ìlú ká lọ́sàn-án kí eré tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́, gbogbo ẹni tó bá sì sanwó wọlé ló máa wo eré kan náà. Fídíò òkirikà ń pe ogunlọ́gọ̀ èèyàn síbi ohun tí ẹnì kan ṣoṣo máa gbé lọ sílé. Bí àwọn yòókù bá lọ lọ́wọ́ òfo lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò ní wá lẹ́ẹ̀kẹta.

Ohun tó wá ṣe ni pé ó ṣa gáùn 12 tó fara jọra: gbogbo wọn gùn, gbogbo wọn ní kíká, sáìsì wọn wà láàárín 12 sí 16. Ó kọ́ wọn sórí okùn kan, aláwọ̀ ewé yẹn sì wà láàárín wọn. Irú aṣọ ló fi ń pe èrò, kò fi ẹyọ kan pè wọ́n. Ẹni tó bá pàdánù aláwọ̀ ewé á rí aláwọ̀ aró tó bá a mu, owó tó ti pinnu láti ná á sì wúlò.

*

Bó ṣe ya fídíò náà nìyí. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò sì dárúkọ ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tó ń fa gáùn jáde látinú béèlì ni ohun tí a kọ́kọ́ rí, nítorí pé àárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fa fídíò sókè kọjá lọ. Lẹ́yìn náà ló sún fóònù mọ́ ọrùn aṣọ kí sáìsì ara rẹ̀ lè hàn. Ó wá fi fóònù tọ okùn lọ láti òpin kan dé èkejì, díẹ̀díẹ̀, kí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lè fara hàn. Níparí ló tó sọ̀rọ̀: "Gáùn 12 báyìí, sáìsì 12 sí 16. Sátidé, aago mẹ́jọ alẹ́. Àwọn tí ẹ rí yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní aago mẹ́jọ ààbọ̀." Ó tún kọ ọjọ́ àti oṣù sójú fídíò náà gàdàgbà.

*

Ọjọ́ àti oṣù yẹn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹni tó bá sọ pé "lálẹ́ òní" nínú fídíò TikTok ti ba fídíò náà jẹ́, nítorí ojú ewé For You kì í to fídíò bí wọ́n ṣe gbé e síta. Ó lè gbé ti Ọjọ́bọ̀ wá síwájú ẹlòmíràn ní Ọjọ́ Ajé, nígbà tí wọ́n ti ta aṣọ tán. Onítọ̀hún á ṣí ojú ewé oníṣòwò ní aago mẹ́jọ, kò ní rí ẹnikẹ́ni, á sì gbà pé wọ́n ti tan òun jẹ.

Ti sítátọ́ọ̀sì WhatsApp yàtọ̀ pátápátá: wákàtí 24 péré ló ń lò. Èyí tí a bá gbé síbẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ á ti parẹ́ ní alẹ́ Ẹtì, nígbà tí ọjà Sátidé kò tíì yá. Nítorí náà, TikTok ni kó kọ́kọ́ lọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ti WhatsApp dé ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, kí a sì tún un gbé ní bíi wákàtí kan ṣáájú. Bí ọ̀rọ̀ "lálẹ́ òní" bá wu èèyàn sọ, orí WhatsApp ni ààyè rẹ̀ wà.

TikTok fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe láìfù dá ọjọ́ àti aago sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí òǹwòran sì tẹ bọ́tìnnì láti forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí àkókò bá tó, fóònù onítọ̀hún á ké. Ọ̀pọ̀ ló ní i lọ́wọ́ tí wọn ò lò ó.

*

Ọ̀rọ̀ owó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀. Àwọn kan kì í dárúkọ iye rárá, nítorí pé gbogbo èèyàn tó bá kọ "Èló ni?" sábẹ́ fídíò ń mú kí ó rìn jìnnà sí i. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà á jókòó ti láìfù kan títí, kó tó gbọ́ pé ẹgbẹ̀rún méje ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kí oníṣòwò sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kó fi iye ẹyọ kọ̀ọ̀kan pa mọ́ di alẹ́. Ìyẹn ṣì tó láti mú kí ojú máa wọ̀nà.

*

Láìfù ń jẹ dátà. Bí àwòrán bá ń wọlé ní mẹ́gábíìtì méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan á gbé nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 900 lọ. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù fi owó lé iye tí wọ́n ń gbà, tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sí ẹni tó ń wo wákàtí méjì lásán ní Àjégúnlẹ̀.

Síbẹ̀, àṣà tó gbilẹ̀ ni kí wọ́n fi aṣọ inú fídíò sẹ́yìn pátápátá kí èrò má bàa lọ. Wọ́n rò pé àwọn ń dá èrò dúró. Ẹni tí dátà rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n ń dá dúró. Oníbàárà tó wá nítorí gáùn kan pàtó tí dátà rẹ̀ kéré ti jáde kí gáùn náà tó dé ojú kámẹ́rà. Èyí ló mú kí n fẹ́ràn "aago mẹ́jọ ààbọ̀" tí obìnrin yẹn sọ. Ó fún ara rẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti ta àwọn olówó kékeré, ó sì jẹ́ kí oníbàárà mọ ìgbà tó yẹ kó tan dátà.

*

Iná alẹ́ náà máa ń yí àwọ̀ padà: gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè ń sọ funfun di àwọ̀ ìpara. Aró tó dúdú dáadáa á di dúdú pátápátá. Àwọn ohun ẹ̀ṣọ́ tó ń mú ojú èèyàn dán lórí fóònù máa ń bo aṣọ tó ti ń yọ hóró mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọ̀ ọ̀sán àti tàlẹ́ bára mu á pa ohun ẹ̀ṣọ́ yẹn, á sì lo iná funfun.

Ti àbùkù ńkọ́? Obìnrin yẹn yí gáùn kan sódì, ó fi abíyá rẹ̀ hàn, níbi tí àwọ̀ ti ṣí díẹ̀, ó sì fi èyí sínú fídíò kékeré gan-an. Ọmọ rẹ̀ bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí gáùn yẹn jáde ní alẹ́ Sátidé, kò sẹ́ni tó béèrè pé kó yí i sódì.

*

Má fi nọ́ńbà àkáǹtì sínú fídíò kékeré. Ẹnikẹ́ni lè gbà á sílẹ̀, kó fi nọ́ńbà tirẹ̀ lé e lórí, kó sì máa gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní ọjọ́ méjì kí láìfù tó bẹ̀rẹ̀. TikTok Shop kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà WhatsApp àti tíránsífà ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí. Owó tó bá lọ sọ́wọ́ olè ti lọ nìyẹn. Kí oníṣòwò sọ ọ́ lẹ́nu nínú fídíò pé òun kì í gba owó kankan ṣáájú láìfù, kó sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ hàn bó ṣe ń sọ ọ́.

Ibẹ̀ náà ló yẹ kí òfin ọjà ti hàn. Láìfù máa ń fi ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan pẹ́, èèyàn méjì sì lè kọ "tèmi" lẹ́ẹ̀kan náà. Ti èyí tó kọ́kọ́ yọ lójú fóònù oníṣòwò ló ń borí. Bí wọn ò bá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ìjà ni.

*

Bí a ṣe ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí: bí ọ̀pọ̀ bá wo fídíò tí díẹ̀ sì wá sí láìfù, ẹ wo ìlú tí TikTok sọ pé àwọn òǹwòran ti wá, ó lè jẹ́ pé ibi tí ẹrù yín kò lè dé ni. Bí wọ́n bá wá, tí wọ́n sì tètè jáde, ohun tí wọ́n bá lójú kámẹ́rà kò jọ ohun tí fídíò fi pè wọ́n. Bí wọ́n bá jókòó tí wọn ò rà, owó tàbí sáìsì ni.

*

Aṣọ òkirikà wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kà sí èèwọ̀ láti kó wọlé, bó tilẹ̀ kún gbogbo ọjà. Nítorí èyí, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé béèlì á dé lọ́jọ́ báyìí. Àwọn kan ń fi fídíò béèlì tó kọjá pe èrò sí èyí tó ṣì wà lójú ọ̀nà. Bí tuntun bá dé tó jẹ́ pé aṣọ ọmọdé ló kún inú rẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ sọ?

Oníbàárà kan bi obìnrin yẹn lórí WhatsApp pé, "Àǹtí, ṣé láìfù á wà lọ́sẹ̀ yìí?" Ó dá a lóhùn pé, "Béèlì ò tíì dé, sísí mi. Tí mo bá tú u, tí mo kà á, màá sọ ọjọ́ fún yín."