Èrè Ṣíà Ilé àti Owó-Orí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin tí a jọ jáde nílé-ẹ̀kọ́ yìí, àwa ọmọ Àjíbọ́dẹ tí a ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbàgbé ilé. Ọ̀pọ̀ wa ṣì ní ṣíà tí a rà nígbà tí a ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, tàbí tí àwọn òbí wa fi sílẹ̀ fún wa. Bí a bá jókòó sọ̀rọ̀ owó, èrò tí a máa ń gbọ́ jù lọ ni pé èrè ṣíà tí kò kúrò ní báńkì ilé kò kan ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí òfin ibẹ̀ bá kà sí olùgbé gbọ́dọ̀ ka èrè náà mọ́ owó tó wọlé fún un, ì báà jẹ́ pé Bódìjà ni owó náà wà. Láti oṣù Kẹrin 2025, ẹni tí kò gbé níbẹ̀ rí fún ọdún 10 ṣáájú dídé rẹ̀ lè béèrè fún ìdásílẹ̀ fún ọdún 4 àkọ́kọ́. Àwa tó ti pẹ́ kò sí nínú rẹ̀.

Nàìjíríà a máa yọ 10 nínú 100 kí èrè tó dé ọwọ́ wa, ọ̀rọ̀ owó-orí rẹ̀ sì parí síbẹ̀ lọ́hùn-ún. Àdéhùn tí ìlú méjèèjì fọwọ́ sí ní 1987 kò jẹ́ kí a san owó-orí lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan náà. Ẹ jẹ́ kí a fi èrè náírà 200,000 ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì pè é ní pọ́n-ùn 100. Wọ́n ti yọ pọ́n-ùn 10. 90 ló wọ báńkì. Iye tí a ó kọ sínú ìwé ni 100, kì í ṣe 90. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Pọ́n-ùn 500 àkọ́kọ́ nínú gbogbo èrè ṣíà ọdún kan kò ní owó-orí níbẹ̀. Ká ní a ti lo ìyẹn tán. Ní ọdún owó-orí tó parí ní April 5, 2026, ẹni tí owó rẹ̀ kò ju pọ́n-ùn 50,270 lọ ń san 8.75 lórí 100 náà. Nàìjíríà ti gba 10, nítorí náà kò jẹ gbèsè kankan. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò dá 1.25 tó lé padà fún un. Ti ẹni tó ju ìyẹn lọ jẹ́ 33.75, bí a bá yọ 10 kúrò, yóò san 23.75 sí i. Ẹni tí kò bá béèrè fún ìyọkúrò yìí lórí fọ́ọ̀mù SA106 ni yóò san gbogbo 33.75.

Ìwé kékeré tí ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ ni ẹ̀rí. Ó ń fi iye èrè gan-an, iye tí wọ́n yọ, àti iye tó kù hàn. Ìwé báńkì kì í sọ ju èyí tó kù lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà sì ń lọ sí àdírẹ́sì àtijọ́, ní ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́. Kí a kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú orúkọ àwọn onípìn-ín, kí wọ́n yí àdírẹ́sì wa padà.