Kí Lo Rántí Nínú Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ Jọ Sọ?

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ìwàásù. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, ó sì kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó ń wáṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí.

Ọmọkùnrin kan nínú ìjọ wa wá bá mi nílé ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Olùtọ́jú sítọ̀ ni. Ó ti tó oṣù méje tí wọ́n ti dá a dúró níbi iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ bùkátà ilé, oyún ọmọ kejì sì wà nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, obìnrin kan pè é lórí fóònù láti ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn fún àwọn kẹ́míìsì. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wáṣẹ́ rí á mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pè ọ́ kọ́ ló máa gbà ọ́ síṣẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó sẹ́ àwọn tó kọ̀wé, kó sì mú díẹ̀ lọ síwájú ọ̀gá.

Ó ní, "Dáddí, ẹ bá mi wo ímeèlì ìdúpẹ́ tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ló dúpẹ́ nínú ẹ̀. Ó ní òṣìṣẹ́ takuntakun lòun. Ó sọ ti oṣù méje, ó sọ ti oyún, ó wá gbàdúrà fún obìnrin náà àti gbogbo ilé rẹ̀. Ká má parọ́, ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo ní, "Ó dáa gan-an. Fi ránṣẹ́."

Ìyàwó mi wà níbẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀fọ́. Ó ní, "Ẹ dúró ná." Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣe irú iṣẹ́ tí obìnrin yẹn ń ṣe. Ó gba fóònù, ó kà á, ó wá bi ọmọ náà pé, "Tá a bá yọ orúkọ ẹ kúrò ńbí, ṣé obìnrin yẹn á mọ̀ pé ìwọ lo kọ ọ́?"

Ọmọ náà dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.

Ìyàwó mi wá ṣàlàyé. Ó ní àwọn ọjọ́ mìíràn wà tóun máa ń pe ènìyàn mẹ́jọ lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ohùn wọn á ti dàpọ̀ mọ́ra lórí òun. Ohun tó kù lọ́wọ́ òun ò ju ìlà mélòó kan tóun tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà lọ, ìyẹn náà sì ni mánéjà máa kà. Ẹni tó bá kọ "ẹ ṣeun fún àkókò yín" ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tóun lè fi ṣe. Ẹni tó bá dárúkọ ohun kan pàtó tí wọ́n jọ sọ, ojú ẹsẹ̀ lòun máa rántí ohùn rẹ̀. Òun á sì rí gbólóhùn kan kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ó ní, "Ó yá, kí lẹ jọ sọ?"

Ọmọ náà ní, "A sọ̀rọ̀ gọ̀ọ́sìlò Ìwó Róòdù, Mọ́mì. A tiẹ̀ rẹ́rìn-ín." Ìyàwó mi ní ìyẹn ò kan iṣẹ́. "Wọ́n béèrè iye owó oṣù tí mo fẹ́." Ó ní ìyẹn náà kọ́, kó má tún ọ̀rọ̀ owó gbé dìde nínú ìdúpẹ́.

Ó wá ronú. Ó ní, "Wọ́n ní ní ìparí oṣù, ọjà orí pẹpẹ kì í bá ti inú kọ̀ǹpútà mu, pé ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń ti sítọ̀ láti ka gbogbo ẹ̀. Mo sọ fún wọn pé irú ọjà 600 la ní níbi tí mo ti ṣiṣẹ́. 30 là ń kà lójúmọ́. Kí ogún ọjọ́ iṣẹ́ tó pé, a ti kà á tán, a ò sì ti ilẹ̀kùn."

Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́. "Ohun tá à ń wá nìyẹn!" Ìṣòro tí àwọn fúnra wọn mẹ́nu bà ni, ọmọ yìí sì ní ìdáhùn tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó ní kó fi ohun kékeré kan kún un tí kò ráyè sọ lórí fóònù, tó bá jẹ́ òtítọ́. Wọ́n tún un kọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ohun tó sọ rèé:

*Àkọlé: Ẹ ṣeun fún ìpè ọ̀sán òní: iṣẹ́ olùtọ́jú sítọ̀*

*Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ sọ pé ọjọ́ méjì lẹ fi ń ti sítọ̀ ní ìparí oṣù láti ka ọjà. Bí mo ṣe sọ, 30 là ń kà lójúmọ́ níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, tá a fi ń ka gbogbo 600 lóṣù láì ti ilẹ̀kùn. Ohun tí mi ò ráyè fi kún un ni pé àwọn ọjà tí ọjọ́ wọn ti fẹ́ẹ́ kọjá, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ là ń ka tiwọn. Inú mi á dùn láti ṣàlàyé rẹ̀ fún mánéjà yín. Ẹ ní màá gbọ́ látọ̀dọ̀ yín ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mò ń retí yín.*

Lẹ́yìn náà, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù. Ó parí.

Mo ní, "Àdúrà ńkọ́?" Ìyàwó mi ní, "Ẹ jẹ́ ká gbà á fún wọn nílé ńbí." Ó ní obìnrin yẹn lè káàánú rẹ̀ nítorí oyún ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé ìyẹn lọ síwájú mánéjà.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló fi ránṣẹ́, nítorí wọ́n lè mú orúkọ lọ fún ọ̀gá lọ́jọ́ kejì. Orí ímeèlì tí wọ́n fi dá àkókò ìpè fún un ló ti fèsì, kí gbogbo ọ̀rọ̀ lè wà lójú kan. Ó tún wo sípẹ́lì orúkọ obìnrin náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó mi ní òun ti rí ẹni tó ṣe àdàkọ ímeèlì kan fún ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, tó gbàgbé láti yí orúkọ ilé-iṣẹ́ padà. Ó ti rí ẹni tó kọ "bí ẹ ṣe ṣèlérí fún mi", nígbà tí òun ò ṣèlérí kankan. Tó ò bá rántí ohun pàtó, gbólóhùn ìdúpẹ́ méjì ti tó. Má hùmọ̀ ohun tí ẹ ò sọ. Lọ́jọ́ mìíràn, mú bébà àti bírò dání tí wọ́n bá ń pè ọ́.

Wọ́n pè é fún íńtàfíù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mánéjà bi í ni pé, "Ìwọ lo ń ka 30 lójúmọ́? Fi hàn mí." Ó gba bébà, ó ya á fún un. Ká ní kò mọ̀ ọ́n ṣe ni, ímeèlì yẹn ì bá dójú tì í.

Wọn ò mú un o. Ẹni tó ti bójú tó sítọ̀ oògùn rí ni wọ́n mú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, obìnrin yẹn fúnra rẹ̀ pè é pé sítọ̀ wọn kejì ń wá ènìyàn. Ó ní, "Ṣé ìwọ tó ń ka díẹ̀díẹ̀ nìyẹn?" Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ọmọ kejì ti dé, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Èmi tí mo ní kó fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́, mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ẹ̀yin tí wọ́n bá pè lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ tó tẹ "ẹ ṣeun", ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: kí ni mo rántí nínú ọ̀rọ̀ tá a jọ sọ?